Ímeèlì Wọlé, Nọ́ńbà Jáde

Ní ọ̀pọ̀ ọ́fíìsì, àdírẹ́sì ímeèlì kan ṣoṣo ni wọ́n ń kọ sára ìkànnì fún gbogbo ẹni tó bá níṣòro. Òṣìṣẹ́ mẹ́rin tàbí márùn-ún ló mọ ọ̀rọ̀ aṣínà rẹ̀. Èyí àkọ́kọ́ ṣí lẹ́tà oníbàárà kan láàárọ̀, ó kà á, ó ní òun á padà sí i tóun bá jẹun tán. Èkejì rí i pé ẹnì kan ti ṣí i, ó gbójú kúrò níbẹ̀. Ẹ̀kẹta ò tiẹ̀ wo apá ibẹ̀. Nígbà tó di ọjọ́ kẹta, oníbàárà fi ìbínú kọ òmíràn, ni òṣìṣẹ́ méjì bá dá a lóhùn lẹ́ẹ̀kan náà, èsì wọn ò sì bára mu. Bí ewúrẹ́ tí ará ilé pawọ́ pọ̀ rà ni lẹ́tà bẹ́ẹ̀ ṣe rí: olúkúlùkù gbà pé ẹlòmíràn ti fún un lóúnjẹ.

Kì í ṣe ọ̀lẹ ló ń fà á. Ìwọ̀nba ni ohun tí ímeèlì mọ̀: ta ló kọ ọ́, ta ni wọ́n kọ ọ́ sí, ìgbà wo ló dé, ṣé wọ́n ti ṣí i àbí wọn ò tíì ṣí i. Kò síbi tí èèyàn ti lè kà á lára rẹ̀ pé ọwọ́ ta ni ọ̀rọ̀ wà, ibo ni iṣẹ́ dé lórí rẹ̀, tàbí èwo ló yẹ kó ṣáájú èwo. Ohun mẹ́ta yìí gan-an ni àwọn ètò kọ̀ǹpútà tí wọ́n ń pè ní ètò tíkẹ́ẹ̀tì wá fi kún un.

Ọ̀kan tó ti pẹ́ nínú wọn ni Request Tracker, tí àwọn tó ń lò ó ń pè ní RT. Jesse Vincent ló kọ ọ́, nígbà tó jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ ní Wesleyan University ní ìpínlẹ̀ Connecticut, ní Amẹ́ríkà, tó sì ń ṣiṣẹ́ ní ẹ̀ka tó ń ran àwọn tó ń lo kọ̀ǹpútà lọ́wọ́ níbẹ̀. Ètò kan tó ń jẹ́ `req` ni wọ́n kọ́kọ́ lò, ṣùgbọ́n àṣẹ ni èèyàn ní láti máa tẹ̀ sí i, kì í sì í ṣe gbogbo ènìyàn ló mọ̀ ọ́n tẹ̀. Vincent kọ ojú ìwé kan lé e lórí tí wọ́n lè ṣí bí wọ́n ṣe ń ṣí ìkànnì. Nígbà tó yá, ó yọ `req` kúrò nísàlẹ̀ rẹ̀, ohun tó ṣẹ́ kù sì di RT ní 1996. Ní 2001 ó dá ilé iṣẹ́ Best Practical Solutions sílẹ̀ láti máa tọ́jú rẹ̀. Ọ̀fẹ́ ni RT, ẹni tó bá sì fẹ́ lè ka gbogbo ohun tí wọ́n kọ sínú rẹ̀. Ìyẹn ló jẹ́ kó rọrùn láti tẹ̀ lé lẹ́tà kan láti ẹnu ọ̀nà títí dé ìparí.

Ẹnu ọ̀nà

Ẹ jẹ́ ká mú ẹ̀ka kọ̀ǹpútà yunifásítì kan bí àpẹẹrẹ, tí àdírẹ́sì wọn jẹ́ `support@example.edu`. Kí RT tó dé, àpótí lẹ́tà lásán ni àdírẹ́sì náà. Nígbà tí wọ́n gbé RT wọlé, ẹni tó ń tọ́jú sáfà lẹ́tà ṣí fáìlì kan tó ń jẹ́ `/etc/aliases`, ó sì kọ ìlà méjì sí i:

```
support: "|/opt/rt5/bin/rt-mailgate --queue General --action correspond --url https://rt.example.edu/"
support-comment: "|/opt/rt5/bin/rt-mailgate --queue General --action comment --url https://rt.example.edu/"
```

Ìlà òró kékeré tó ṣáájú, `|`, ni agbára wà nínú rẹ̀. Ó ń sọ fún sáfà pé kó má ju lẹ́tà tó bá dé sínú àpótí mọ́, kó gbé e fún ètò `rt-mailgate`. Ètò yìí á gbé lẹ́tà náà, pẹ̀lú àkọlé rẹ̀, orúkọ ẹni tó kọ ọ́ àti àwọn fáìlì tó wà lára rẹ̀, lọ bá RT. Ọ̀rọ̀ tó tẹ̀ lé `--queue` ni orúkọ ìsọ̀rí tí lẹ́tà máa bọ́ sí; ilé iṣẹ́ tó tóbi lè ní ìsọ̀rí kan fún owó, òmíràn fún nẹ́tíwọ́ọ̀kì, òmíràn fún ọ̀rọ̀ aṣínà, kí ọ̀kọ̀ọ̀kan sì ní àdírẹ́sì tirẹ̀. Ìlà kejì wà fún ọ̀rọ̀ abẹ́lé láàárín àwọn òṣìṣẹ́, a ó dé ibẹ̀.

Ní àárọ̀ ọjọ́ Ajé kan, aago mẹ́jọ kọjá ìṣẹ́jú méjìlá, olùkọ́ kan kọ̀wé pé èsì ìdánwò kíláàsì òun kò gòkè sórí ìkànnì, pé fáìlì ń dé ìdajì ló ń kọṣẹ́, bẹ́ẹ̀ ọjọ́ Ẹtì ni wọ́n máa ti ilẹ̀kùn gbígba èsì. Àkọlé lẹ́tà rẹ̀ ni “Èsì ìdánwò kò gòkè”.

Ìbéèrè kan ni RT kọ́kọ́ ń bi irú lẹ́tà bẹ́ẹ̀: ṣé àlejò ni ẹ́, àbí ará ilé? Àkọlé ló ń wò láti mọ̀ ọ́n. Ó ń wá orúkọ tí ilé iṣẹ́ fún RT wọn àti nọ́ńbà kan nínú àkámọ́ onígun. Ti olùkọ́ yìí kò ní nǹkan kan bẹ́ẹ̀, nítorí náà àlejò ni. RT ṣí tíkẹ́ẹ̀tì tuntun fún un, ó fún un ní nọ́ńbà tó kàn, ká sọ pé 4127, ó sì kọ àdírẹ́sì olùkọ́ náà síbi tí wọ́n ń kọ oníbèérè sí. Kò tó ìṣẹ́jú mélòó kan tí èsì fi padà sọ́dọ̀ rẹ̀ pé wọ́n ti gba lẹ́tà rẹ̀. Àkọlé èsì náà ti yí padà:

```
[example.edu #4127] AutoReply: Èsì ìdánwò kò gòkè
```

Okùn tó so gbogbo ìyókù pọ̀ nìyẹn. Nígbàkigbà tí olùkọ́ bá tẹ bọ́tìnì ìfèsì, ètò ímeèlì tirẹ̀ á gbé àkọlé náà padà bó ṣe wà, á kàn fi `Re:` síwájú rẹ̀. RT á rí nọ́ńbà, á sì mọ̀ pé ọ̀rọ̀ 4127 ló ń bá a lọ. Olùkọ́ kò ní láti forúkọ sílẹ̀ níbì kankan, kò sì ní láti mọ̀ pé ohun kan ń jẹ́ RT. Lójú tirẹ̀, ímeèlì lásán ló ń kọ.

Orúkọ kan ṣoṣo

Lójú òṣìṣẹ́, ohun tó hàn yàtọ̀. Tíkẹ́ẹ̀tì 4127 wà nínú àtẹ pẹ̀lú àwọn yòókù. Níbi tí wọ́n kọ `Status` sí, `new` ló wà níbẹ̀, pé ó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé. Níbi `Owner`, ìyẹn ẹni tí ọ̀rọ̀ náà wà lọ́rùn rẹ̀, `Nobody` ni wọ́n kọ, pé kò tíì sẹ́ni tó gbà á. Vincent àti àwọn tó bá a ṣe é kò fi àyè náà sílẹ̀ lófìfo. `Nobody` jẹ́ orúkọ gidi nínú RT bí orúkọ òṣìṣẹ́ èyíkéyìí, èèyàn sì lè wá gbogbo tíkẹ́ẹ̀tì tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ bó ṣe ń wá ti ẹlòmíràn:

```
Owner = 'Nobody' AND Status = 'new'
```

Ọ̀gá ẹ̀ka tó bá ń ṣí àtẹ yìí láràárọ̀ á rí gbogbo ọ̀rọ̀ tí kò tíì ní olùtọ́jú.

Ní aago mẹ́jọ ààbọ̀ kọjá díẹ̀, òṣìṣẹ́bìnrin kan rí 4127, ó tẹ `Take`. Orúkọ rẹ̀ bọ́ sí àyè `Owner`, ti `Nobody` sì kúrò. Àyè yẹn ò gba orúkọ méjì. Bí ẹnì kejì nínú ọ́fíìsì bá fẹ́ tẹ `Take` lẹ́yìn rẹ̀, RT ò ní gbà fún un, torí tíkẹ́ẹ̀tì tí kò lólùtọ́jú nìkan ni wọ́n ń fi bọ́tìnì yẹn mú. Bó bá pọn dandan kí ó gbà á lọ́wọ́ ẹni tó mú un, bọ́tìnì mìíràn wà, tí wọ́n pè ní `Steal`. Ìtàn tíkẹ́ẹ̀tì náà á sì kọ ọ́ sílẹ̀ pé lágbájá ló gbà á lọ́wọ́ làkásègbè, ní aago báyìí. Kò sóhun tí èèyàn ṣe sí tíkẹ́ẹ̀tì tí kì í wọ inú ìtàn yìí, ì báà jẹ́ èsì, ì báà jẹ́ ìyípadà orúkọ.

Òṣìṣẹ́bìnrin náà wá fèsì: “Ẹ kú iṣẹ́ sà. A ti rí lẹ́tà yín. Ẹ jọ̀ọ́, báwo ni fáìlì náà ṣe tóbi tó, ṣé Excel sì ni?” Bí èsì yẹn ṣe jáde, RT fúnra rẹ̀ yí `new` padà sí `open`, pé iṣẹ́ ti bẹ̀rẹ̀. Ó wá kù sọ́wọ́ olùkọ́. Òṣìṣẹ́ yìí lè yí ipò rẹ̀ sí `stalled`, pé ó dúró de ìdáhùn, kó lè mójú kúrò lára rẹ̀, kó gbájú mọ́ òmíràn. Kò sí ìbẹ̀rù pé á gbàgbé. Ní ọ̀sán, nígbà tí olùkọ́ dáhùn pé Excel ni, pé akẹ́kọ̀ọ́ irinwó ló wà nínú rẹ̀, nọ́ńbà inú àkọlé gbé lẹ́tà náà lọ sójú ibi tó yẹ, RT sì tún yí `stalled` padà sí `open`.

Ó wá rí i pé ìṣòro náà kò sí lọ́wọ́ òun, pé àwọn tó ń tọ́jú àkójọ èsì ìdánwò ló mọ̀ ọ́n. Ó fẹ́ bá wọn sọ ọ́ láìjẹ́ kí olùkọ́ gbọ́. Ibí ni ìlà kejì nínú `/etc/aliases` ti wúlò. Ohun tí wọ́n bá kọ sí `support-comment` á wọ inú tíkẹ́ẹ̀tì kan náà, àwọn òṣìṣẹ́ á rí i, ṣùgbọ́n kò ní lọ sọ́dọ̀ oníbèérè. Lójú ìkànnì RT, bọ́tìnì méjì ni: `Reply` ń lọ síta, `Comment` ń dúró nílé. Àwọ̀ àpótí tí èèyàn ń kọ̀wé sí máa ń yàtọ̀ kí wọ́n má baà ṣi ara wọn, síbẹ̀ àṣìṣe tí àwọn tó ń ṣiṣẹ́ yìí ń bẹ̀rù jù náà nìyẹn: kí èèyàn bú oníbàárà nínú ohun tó rò pé ọ̀rọ̀ abẹ́lé ni, kó wá jẹ́ pé `Reply` ló tẹ̀.

Èwo ló ṣáájú?

Ó kù bí wọ́n ṣe ń mọ èyí tó yẹ kí wọ́n kọ́kọ́ dì mú. Ọ̀pọ̀ oníbàárà gbà pé bí àwọn bá fi lẹ́tà ńlá kọ “KÍÁKÍÁ” sí àkọlé, iṣẹ́ á yára. RT ò ka ìyẹn sí nǹkan kan; ọ̀rọ̀ inú àkọlé lásán ni. Òṣìṣẹ́ ló ń yan ipò kánjúkánjú fún tíkẹ́ẹ̀tì, ohun méjì ló sì sábà máa ń wò: èèyàn mélòó ni ìṣòro náà dé bá, àti ìgbà wo ni yóò pẹ́ jù. Ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ọ̀gá kan tó kọṣẹ́ lè mú ariwo lọ́wọ́, ṣùgbọ́n ẹnì kan ló kàn. Èsì akẹ́kọ̀ọ́ irinwó tó gbọ́dọ̀ wọlé kí ọjọ́ Ẹtì tó parí wúwo ju bẹ́ẹ̀ lọ, bí ẹni tó kọ ọ́ kò tilẹ̀ pariwo.

Nọ́ńbà ni RT fi ń pa ipò yìí mọ́ nísàlẹ̀, láti 0 lọ sí 100. Àwọn ẹ̀dà tuntun ń fi ọ̀rọ̀ `Low`, `Medium` àti `High` hàn lójú. Nọ́ńbà yẹn sì lè máa gòkè fúnra rẹ̀ bí ọjọ́ ṣe ń sún mọ́lé. Òṣìṣẹ́bìnrin náà fún 4127 ní 20 láti bẹ̀rẹ̀, ó fi òpin sí 80, ó sì kọ alẹ́ ọjọ́ Ẹtì sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ọjọ́ tó gbọ́dọ̀ parí. Ẹni tó ń tọ́jú sáfà ti kọ àṣẹ kan tó ń ṣiṣẹ́ fúnra rẹ̀ lálaalẹ́:

```
rt-crontool --search RT::Search::ActiveTicketsInQueue --search-arg General --action RT::Action::EscalatePriority
```

Àṣẹ yìí ń yẹ gbogbo tíkẹ́ẹ̀tì tí wọn ò tíì parí wò. Ó ń ṣírò iye tó kù láti dé òpin, ó ń pín in fún iye ọjọ́ tó kù, ó sì ń fi èsì rẹ̀ kún nọ́ńbà. Lálẹ́ ọjọ́ Ajé, 60 ló kù láti 20 dé 80, ọjọ́ mẹ́rin ló sì kù. 60 pín sí mẹ́rin jẹ́ 15, nítorí náà 4127 di 35. Lálẹ́ ọjọ́ Ìṣẹ́gun ó di 50, lálẹ́ Ọjọ́rú ó di 65. Bí ẹnikẹ́ni ò bá sì fọwọ́ kàn án, ní alẹ́ Ọjọ́bọ̀ á di 80. Níwọ̀n bí wọ́n ṣe to àtẹ wọn láti orí nọ́ńbà tó ga jù lọ sí èyí tó kéré jù, láràárọ̀ ni 4127 ń sún sókè lójú gbogbo wọn, láìjẹ́ pé ẹnì kan rán wọn létí.

Ọ̀rọ̀ náà yanjú ní Ọjọ́bọ̀: wọ́n rí i pé sáfà èsì ìdánwò kò gba fáìlì tó ju ìwọ̀n kan lọ, wọ́n sì gbé ìwọ̀n náà sókè. Òṣìṣẹ́bìnrin náà fèsì, ó yí ipò rẹ̀ sí `resolved`, tíkẹ́ẹ̀tì sì kúrò lórí àtẹ iṣẹ́. Gbogbo ìtàn rẹ̀ ṣì wà níbẹ̀. Bí olùkọ́ mìíràn bá mú irú ìṣòro náà wá ní sáà tó ń bọ̀, wọ́n á rí bí wọ́n ṣe tún un ṣe.

Ibi tó ti ń wọ́

Kì í ṣe gbogbo lẹ́tà ló ń rìn geere báyìí. Ìṣòro àkọ́kọ́ wà lára nọ́ńbà náà gan-an. Bí olùkọ́ kò bá tẹ bọ́tìnì ìfèsì, tó kọ lẹ́tà tuntun pé “Mo kọ̀wé láàárọ̀, kò sẹ́ni tó gbọ́”, kò sí nọ́ńbà nínú àkọlé rẹ̀. Àlejò ni RT á kà á sí, á sì ṣí tíkẹ́ẹ̀tì mìíràn, 4131 bóyá. Ọ̀rọ̀ kan náà ti di méjì, òṣìṣẹ́ méjì sì lè máa ṣe é lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Ohun tí wọ́n fi ń mọ̀ ni pé orúkọ oníbèérè kan náà hàn lẹ́ẹ̀mejì lórí àtẹ lọ́jọ́ kan. RT ní bọ́tìnì tó ń da méjì pọ̀ di ọ̀kan, nọ́ńbà méjèèjì á sì máa ṣí ojú ibì kan náà láti ìgbà náà lọ. Àwọn ètò mìíràn tún ń wo ohun tó pamọ́ lórí ímeèlì, bí `In-Reply-To` àti `References`, tí ètò ímeèlì máa ń kọ láti fi hàn pé lẹ́tà yìí ń dá tọ̀hún lóhùn. Ìyẹn ń ràn wọ́n lọ́wọ́ bí ẹnì kan bá pa àkọlé rẹ́, ṣùgbọ́n lẹ́tà tí èèyàn bẹ̀rẹ̀ láti òfo kò ní wọn.

Òdìkejì rẹ̀ náà wà, èyí sì ṣòro láti rí ju ti àkọ́kọ́ lọ. Oníbàárà wá lẹ́tà àtijọ́ kan jáde, ó tẹ ìfèsì, ó sì béèrè nǹkan mìíràn pátápátá. Nọ́ńbà wà nínú àkọlé, nítorí náà RT gbé ìbéèrè tuntun sí ìdí ìtàn àtijọ́. Tíkẹ́ẹ̀tì ọ̀rọ̀ aṣínà wá gbé ọ̀rọ̀ owó ilé ẹ̀kọ́ sínú.

Ọ̀rọ̀ ìdúpẹ́ ń fa wàhálà tirẹ̀. Lẹ́yìn tí 4127 ti di `resolved`, olùkọ́ kọ̀wé pé “Ẹ ṣé púpọ̀, Ọlọ́run á bù kún yín.” Kọ̀ǹpútà ò mọ ìyàtọ̀ láàárín ọpẹ́ àti ẹjọ́ tuntun. Lẹ́tà ti dé sórí ohun tí wọ́n ti parí, RT sì tún un ṣí. Òṣìṣẹ́ á tún padà wá tì í. Ẹ̀gbẹ́ kan lè fọwọ́ mú ìyẹn, torí pé ó sàn kí ọpẹ́ ṣí ilẹ̀kùn ju kí “kò tíì ṣiṣẹ́ o” kú síta. Zendesk, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Copenhagen ní 2007, fi àkókò sí i: tíkẹ́ẹ̀tì tí wọ́n bá ti sọ pé ó yanjú ṣì lè tún ṣí, ṣùgbọ́n bí wọ́n ṣe ń gbé e fún oníbàárà, ọjọ́ mẹ́rin lẹ́yìn náà ni wọ́n ń tì í pa. Lẹ́tà tó bá dé lẹ́yìn ìyẹn á di tíkẹ́ẹ̀tì tuntun tó tọ́ka sí ti àtijọ́.

Èyí tó léwu jù ni kí kọ̀ǹpútà méjì bẹ̀rẹ̀ sí í kí ara wọn. Olùkọ́ rìnrìn àjò, ó sì fi èsì aládàáṣe sórí ímeèlì rẹ̀ pé òun ò sí nílé. RT fi èsì “a ti gba lẹ́tà yín” ránṣẹ́ sí i. Ímeèlì rẹ̀ dáhùn pé kò sí nílé. Bí RT bá ka ìyẹn sí lẹ́tà tuntun, á ṣí tíkẹ́ẹ̀tì, á tún fèsì, ímeèlì olùkọ́ á tún dáhùn. Tí kò bá sí ohun tó dá wọn lẹ́kun, kí ilẹ̀ tó mọ́, àtẹ iṣẹ́ ti kún fún lẹ́tà tí kò sí ènìyàn kankan nídìí wọn. Ní 2004 ni ìlànà RFC 3834 jáde, tó ní kí gbogbo ètò tó bá ń fèsì fúnra rẹ̀ máa kọ `Auto-Submitted: auto-replied` sí orí lẹ́tà, kí ètò tó bá rí i má sì fèsì aládàáṣe padà. RT ń wo àmì yìí, ó sì tún ń lẹ àmì tirẹ̀, `X-RT-Loop-Prevention`, mọ́ ohun tó bá fi ránṣẹ́, kí ó lè dá lẹ́tà tirẹ̀ mọ̀ bí wọ́n bá jù ú padà sí i. Níbi tí ìdààmú ṣì ti ń wọlé ni ọ̀dọ̀ àwọn ètò àtijọ́ tí kì í kọ àmì kankan.

Ó wá ku ohun tí kò sí ètò tó lè bá wọn ṣe. Orúkọ tó wà ní `Owner` ń sọ ẹni tí ọ̀rọ̀ wà lọ́rùn rẹ̀. Kò sọ bóyá ó ń ṣe é. Òṣìṣẹ́ lè mú ogún tíkẹ́ẹ̀tì láàárọ̀ kí ọ̀gá lè rí i pé ọwọ́ òun dí, kó sì fi gbogbo wọn jókòó. Ó lè lọ fún ìsinmi oṣù kan kí orúkọ rẹ̀ ṣì wà lára wọn. Lójú ẹni tó ń wá `Nobody`, gbogbo nǹkan ń lọ dáadáa, torí kò sí èyí tí kò lólùtọ́jú. `stalled` náà jẹ́ ibi ìfarapamọ́: ẹni tí kò bá fẹ́ ṣe iṣẹ́ lè ní òun ń dúró de oníbàárà tí kò sí ohun kankan lọ́wọ́ rẹ̀ láti dáhùn. Nítorí náà, àwọn ẹ̀ka tó mọ iṣẹ́ wọn máa ń fi ìbéèrè kejì kún èyí tí wọ́n ń wò láràárọ̀, tí kò bìkítà nípa orúkọ tó wà níbẹ̀, tó kàn ń béèrè ìgbà tí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kan tíkẹ́ẹ̀tì náà kẹ́yìn:

```
Status = 'stalled' AND LastUpdated < '7 days ago'
```

Wọ́n ń ṣe bẹ́ẹ̀ fún `open` náà. Ohun tó bá jáde ni wọ́n ń gbé sórí tábìlì nípàdé ọjọ́ Ajé, ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí ẹni tó ni ín sọ ohun tó ń dá a dúró, tàbí kí wọ́n gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ fún ẹlòmíràn.